Yíyẹ Àkọsílẹ̀ Àkọ́kọ́ Lẹ́tà Ìwáṣẹ́ Wò: Olùṣe Tó Fara Pamọ́, Ọ̀rọ̀ Adíàyè àti Ìbẹ̀rẹ̀ Gbólóhùn

Lẹ́tà ìwáṣẹ́ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀, ìyẹn lẹ́tà tí ènìyàn ń kọ sí ilé-iṣẹ́ tàbí sí aláṣẹ, tí àdírẹ́sì méjì máa ń wà lórí rẹ̀, tí kò sì gba àwàdà. Ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ni ó sábà máa ń bá a rìn. Ìwé àkọsílẹ̀ náà ń to ilé-ẹ̀kọ́, oyè àti ọdún lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n lẹ́tà ni ó ń sọ ohun tí òǹkọ̀wé fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní àwọn ibi wọ̀nyẹn àti bí ohun náà ṣe bá iṣẹ́ tí ó ń wá mu. Bí lẹ́tà bá kùnà láti sọ èyí, ẹni tí ó ń kà á yóò parí rẹ̀ láì tíì mọ̀ ju ohun tí ìwé àkọsílẹ̀ ti sọ fún un lọ.

Orí yìí kò dá lórí bí àdírẹ́sì, ọjọ́ àti àkọlé ṣe ń tò, nítorí pé ẹ̀kọ́ yẹn ti wà nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ohun tí ó dá lé ni àyẹ̀wò ara lẹ́tà lẹ́yìn tí òǹkọ̀wé ti kọ ọ́ tán ní ẹ̀ẹ̀kíní. Àléébù mẹ́ta ni àyẹ̀wò náà ń wá: gbólóhùn tí ó fi ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ pamọ́, ọ̀rọ̀ tí ó gba àyè láì ṣiṣẹ́, àti gbólóhùn púpọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ bákan náà.

Ìpínrọ̀ tí àyẹ̀wò dá lé

Ìpínrọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ àpẹẹrẹ tí a gbé kalẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí. Ẹni tí ó kọ ọ́ ń wá iṣẹ́ igbákejì olóòtú ní ilé-iṣẹ́ tí ó ń tẹ ìwé Yorùbá fún ilé-ẹ̀kọ́, Yorùbá sì ni ilé-iṣẹ́ náà ní kí ó fi kọ lẹ́tà rẹ̀.

> Mo kọ lẹ́tà yìí láti lo àǹfààní yìí sọ fún yín pé mo ní ìfẹ́ àti ìtara àtọkànwá sí iṣẹ́ igbákejì olóòtú tí ẹ kéde. Mo jẹ́ ẹni tí ó kàwé gboyè nínú ìmọ̀ èdè Yorùbá. Mo jẹ́ òṣìṣẹ́ aláápọn, olóòótọ́ àti ẹni tí ó ṣeé gbára lé ní gbogbo ọ̀nà. Mo sin ilẹ̀ bàbá mi gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan, níbi tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ ìwé kíkà sílẹ̀. Mo ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan fún ọdún méjì lẹ́yìn náà. Àtúnkọ ìwé ìtàn àtijọ́ mẹ́ta sí àkọtọ́ òde òní wáyé ní àkókò náà. Àwọn àṣìṣe inú wọn ni a ṣe àtúnṣe sí láti ọwọ́ ẹ̀ka olóòtú. Mo gbàgbọ́ nínú ọkàn mi pé irú ìrírí báyìí yóò wúlò gidigidi fún ilé-iṣẹ́ yín tí ó lókìkí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an fún àkókò yín iyebíye.

Kò sí àṣìṣe àkọtọ́ nínú ìpínrọ̀ yìí, kò sì sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tí ènìyàn kò lè rí nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún lẹ́tà mìíràn. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro rẹ̀ wà. Àléébù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀nà tí olùyẹ̀wò sì gbà tò wọ́n ṣe pàtàkì. Olùṣe tó fara pamọ́ ni yóò kọ́kọ́ wá, nítorí pé ìdáhùn sí ìbéèrè "Ta ni ó ṣe é?" ń mú ọ̀rọ̀ tuntun wọ inú lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ adíàyè ni yóò tẹ̀lé e, nítorí pé yíyọ rẹ̀ lè pa odidi gbólóhùn rẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ni yóò gbẹ̀yìn, nítorí pé iṣẹ́ méjì àkọ́kọ́ yóò ti yí ìbẹ̀rẹ̀ púpọ̀ padà. Ẹni tí ó bá ti ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn bẹ̀rẹ̀ yóò ṣe iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Olùṣe tó fara pamọ́

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀-ìṣe máa ń yí ìrísí padà nígbà tí ẹni tí ìṣẹ̀lẹ̀ dé bá bá ti di olùwà gbólóhùn, tí ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ sì ti kúrò ní ipò olùwà. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí ìrísí padà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fi rò pé àléébù yìí kò lè sí nínú lẹ́tà tí wọ́n fi Yorùbá kọ, èrò náà kò sì tọ̀nà. Yorùbá ní ọ̀nà tirẹ̀ láti gbé iṣẹ́ kalẹ̀ kí ó sì fi òṣìṣẹ́ pamọ́, gbólóhùn tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni orí yìí pè ní gbólóhùn afolùṣe-pamọ́. Mẹ́ta nínú àwọn ọ̀nà náà wà nínú ìpínrọ̀ òkè yìí.

Èkíní ni "wọ́n" tí kò ní ẹni tí ó dúró fún. Nínú "níbi tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ ìwé kíkà sílẹ̀", òǹkàwé kò mọ̀ bóyá olùkọ́ ni, bóyá ìjọba ni, tàbí bóyá ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ náà gan-an ni. Ọ̀nà àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn: kí olùyẹ̀wò fa ìlà sábẹ́ gbogbo "wọ́n" inú lẹ́tà, kí ó sì padà sẹ́yìn láti wá ọ̀rọ̀-orúkọ tí arọ́pò-orúkọ yìí dúró fún. Bí ó bá rí i, kò sí àléébù. Ó yẹ kí a ṣọ́ra níhìn-ín, nítorí pé "wọ́n" tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀. Bí lẹ́tà bá sọ pé, "Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà pè mí, wọ́n sì ní kí n máa bójú tó ilé-ìkàwé," olùṣe kò fara pamọ́ rárá, nítorí pé ọ̀gá náà ni "wọ́n" dúró fún, ọ̀wọ̀ ni ó sì mú un wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá yọ irú "wọ́n" bẹ́ẹ̀ kúrò ti fi àtúnṣe ba lẹ́tà jẹ́.

Èkejì ni kí òǹkọ̀wé sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ, kí ó sì fi "wáyé" tàbí "di ṣíṣe" tì í lẹ́yìn. "Tún kọ" di "àtúnkọ", ó bọ́ sí ipò olùwà, "wáyé" sì gba ipò ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹni tí ó jókòó ti ìwé náà, tí ó ń yí àkọtọ́ rẹ̀ padà lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, ti pòórá. Iṣẹ́ gidi ni "tún kọ", ṣùgbọ́n "wáyé" kò sọ ju pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lọ. Nítorí náà, níbikíbi tí "wáyé" bá ti yọjú nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́, kí olùyẹ̀wò wo olùwà rẹ̀ bóyá ọ̀rọ̀-ìṣe kan ni a fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ bíi "ì-" tàbí "à-" bò mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni "a" tí ó ní "láti ọwọ́" lẹ́yìn. Gbólóhùn "Àwọn àṣìṣe inú wọn ni a ṣe àtúnṣe sí láti ọwọ́ ẹ̀ka olóòtú" ní olùṣe méjì tí kò bára mu: "a" ti jẹ́ olùwà tirẹ̀, síbẹ̀ "láti ọwọ́" tún mú olùṣe mìíràn wá. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí Yorùbá bá mọ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́, ipò olùwà ni ó ń fi onítọ̀hún sí: "Ẹ̀ka olóòtú ṣe àtúnṣe àwọn àṣìṣe náà." Kódà, gbólóhùn tí a ti tún ṣe yìí kò tíì tó, nítorí pé lẹ́tà ẹnì kan ni, òǹkàwé sì fẹ́ mọ ipa tí ẹni náà kó nínú ẹ̀ka ọ̀hún. Ti "a" nìkan yàtọ̀ díẹ̀. Nínú ìwé ẹ̀kọ́, "a" lè dúró fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ náà, bí ó ti rí nínú orí yìí, ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́, "a" gbọ́dọ̀ ní iye àti ojú tí a lè dá mọ̀.

Ó ṣòro jù láti rí gbólóhùn bíi "Ìwé náà jáde ní 2022" tàbí "Ètò náà bẹ̀rẹ̀", nítorí pé kò sí "wọ́n", "a" tàbí "wáyé" tí yóò ta olùyẹ̀wò lólobó. Ìbéèrè "Ta ni ó ṣe é?" nìkan ni ó lè tú u fó.

Ìbéèrè yẹn ni ọkàn iṣẹ́ yìí, olùyẹ̀wò kò sì lè dá a dáhùn fúnra rẹ̀. Àṣìṣe tí ó léwu jù nínú àtúnṣe irú èyí ni kí ènìyàn kàn mú "mo" fi rọ́pò "wọ́n" níbi gbogbo. Bí olùyẹ̀wò bá kọ "mo dá ẹgbẹ́ ìwé kíkà sílẹ̀" láì béèrè, gbólóhùn náà yóò dán, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ irọ́, irọ́ tí ìbéèrè kan ṣoṣo níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sì lè tú ni. Nínú àpẹẹrẹ yìí, jẹ́ kí a sọ pé ẹni tí ó kọ lẹ́tà náà dáhùn báyìí: olùkọ́ kan ni ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ kí òun tó débẹ̀, òun sì darí rẹ̀ ní ọjọọjọ́ Ọjọ́bọ̀ fún oṣù mẹ́wàá, òun nìkan ni ó tún ìwé kan kọ, òun àti òṣìṣẹ́ méjì ni ó jọ ṣe méjì yòókù. Ní ti àtúnṣe àṣìṣe, ó rí i pé àkọtọ́ àtijọ́ bíi "nwọn", "aiye" àti "ẹiyẹ" ṣì ń sá pamọ́ sínú ìwé lẹ́yìn tí wọ́n ti kà á tán, ó sì ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ tí àkọtọ́ 1974 ti yí padà, èyí tí olóòtú àgbà fọwọ́ sí kí gbogbo ẹ̀ka máa lò. Àkójọ yìí ni ohun tí ó dára jù lọ nínú ìrírí rẹ̀, kò sì sí i nínú lẹ́tà rárá. Abẹ́ "ni a ṣe àtúnṣe sí láti ọwọ́ ẹ̀ka olóòtú" ni ó sin ín sí.

Kì í ṣe gbogbo gbólóhùn afolùṣe-pamọ́ ni ó yẹ kí ó kúrò. Bí òǹkọ̀wé bá sọ pé "wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa ní 2023" láti ṣàlàyé ìdí tí ó fi kúrò níbẹ̀, ẹni tí ó tì í pa kò kan òǹkàwé. Olùṣe yẹ ní fífihàn nígbà tí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ẹ̀rí fún ẹni tí ó ń wá iṣẹ́. Bí kò bá jẹ́ ẹ̀rí, gbólóhùn náà lè dúró bí ó ti wà.

Ọ̀rọ̀ adíàyè

Ọ̀rọ̀ adíàyè ni ọ̀rọ̀ tí ó gba àyè nínú gbólóhùn tí ìtumọ̀ kò sì yí padà bí a bá yọ ọ́. Ọ̀nà ìdánwò rẹ̀ ni kí olùyẹ̀wò fi ìka bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, kí ó sì ka gbólóhùn náà sókè láìsí i.

Nínú gbólóhùn àkọ́kọ́, "Mo kọ lẹ́tà yìí láti lo àǹfààní yìí sọ fún yín pé" kò sọ ohunkóhun, nítorí pé lẹ́tà wà lọ́wọ́ òǹkàwé tẹ́lẹ̀. "Ìfẹ́ àti ìtara" jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì fún ohun kan, "àtọkànwá" sì jẹ́ ẹ̀kẹta wọn. Ìsopọ̀ ọ̀rọ̀ onítumọ̀ kan náà báyìí rọrùn fún ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, nítorí pé ó dùn ún gbọ́, ìdùn yẹn ni ó sì ń tan òǹkọ̀wé jẹ. "Nínú ọkàn mi", "gidigidi", "gan-an" àti "ní gbogbo ọ̀nà" jẹ́ ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tí ó ń gbìyànjú láti fi ariwo ṣe ohun tí ẹ̀rí yẹ kí ó ṣe.

Gbólóhùn kẹta ni ó burú jù lọ. Aláápọn, olóòótọ́, ẹni tí ó ṣeé gbára lé: gbogbo ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ ni ó lè pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí kan ọ̀lẹ. Kò sí ohun tí ó sàn ju kí gbólóhùn náà kúrò pátápátá, nítorí pé oṣù mẹ́wàá tí òǹkọ̀wé fi darí ẹgbẹ́ ní ọjọọjọ́ Ọjọ́bọ̀ yóò sọ ti ìgbáralé fún un. Gbólóhùn kẹjọ náà kò ní ohun tuntun nínú. "Tí ó lókìkí" inú rẹ̀ jẹ́ ìpọ́nni lásán.

Ohun méjì ni olùyẹ̀wò kò gbọdọ̀ kà sí ọ̀rọ̀ adíàyè. Èkíní ni ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tí ó ń gbé gírámà ró, bíi "sì", "ti" àti "ń". Wọ́n kéré, ṣùgbọ́n bí a bá yọ "ń" kúrò nínú "mo ń darí", àṣà iṣẹ́ ọjọọjọ́ Ọjọ́bọ̀ yóò di ìṣẹ̀lẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí. "Ẹ̀yin" ọ̀wọ̀ kò ṣeé yọ, lẹ́tà tí a sì gé ọpẹ́ ìparí rẹ̀ kúrò yóò dà bí ìgbà tí ènìyàn dìde lójú àgbà láì kí i. Ọpẹ́ kan tó. "Gan-an" àti "iyebíye" tí ó wà lára rẹ̀ ni kí ó lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn

Nínú gbólóhùn mẹ́sàn-án inú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, méje ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Mo". Ojú òǹkọ̀wé kì í tètè rí i, nítorí pé ìtumọ̀ gbólóhùn ni ó ń kà. Kí ó lè rí i, kí ó kọ ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́ inú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ní ìsàlẹ̀ ara wọn, kí ó sì ka àwọn nìkan: "Mo kọ, Mo jẹ́, Mo jẹ́, Mo sin, Mo ṣiṣẹ́". Etí yóò gbọ́ ohun tí ojú fò.

A kò gbọdọ̀ tìtorí èyí lé "mo" kúrò nínú lẹ́tà. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í gbé ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ sínú ara rẹ̀, nítorí náà arọ́pò-orúkọ gbọ́dọ̀ wà, lẹ́tà nípa iṣẹ́ ẹnì kan yóò sì ní "mo" púpọ̀. Àléébù ni nígbà tí gbólóhùn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá tẹ̀ léra pẹ̀lú ìbẹ̀rẹ̀ kan náà àti gígùn kan náà, tí ọ̀rọ̀ inú wọn sì jẹ́ ti ìtàn kan tí ó yẹ kí ó so pọ̀. Nínú oríkì, àwítúnwí ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ ọnà, nítorí pé ìlà kọ̀ọ̀kan ń fi ìwúwo kún èyí tí ó ṣáájú. Nínú àpẹẹrẹ yìí, "Mo jẹ́" kejì kò fi nǹkan kan kún ti àkọ́kọ́.

Ìsopọ̀ gbólóhùn ni àtúnṣe tí ó kọ́kọ́ yẹ kí olùyẹ̀wò gbìyànjú. Ẹ̀kọ́ gíga, ìsìnrúùlú àti iṣẹ́ ìtẹ̀wé tẹ̀ léra ní àkókò, nítorí náà "lẹ́yìn tí" àti "sì" lè gbé wọn sínú gbólóhùn kan tàbí méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni gbígbé àkókò tàbí ibi ṣíwájú gbólóhùn, bíi "Níbẹ̀, mo". Gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́, ìyẹn èyí tí ó gbé apá kan ṣíwájú tí ó sì fi "ni" tẹnu mọ́ ọn, ni kí ó kẹ́yìn, nítorí pé "ni" máa ń ya ohun kan sọ́tọ̀ kúrò láàrin àwọn mìíràn. Bí kò bá sí ohun tí a ń yà sọ́tọ̀, ìtẹnumọ́ náà yóò dà bí ìjà. "Èmi ni mo" tí ó bá wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ìpínrọ̀ kan yóò dún bí ìyangàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá sì sá fún "Mo" máa ń bọ́ sọ́wọ́ "Ní": "Ní ọdún", "Ní ilé-iṣẹ́", "Ní àkókò". Àléébù kan náà ni, aṣọ ni ó pààrọ̀.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìpínrọ̀ náà di èyí:

> Ipò igbákejì olóòtú tí ẹ kéde ni mo fi lẹ́tà yìí béèrè fún. Lẹ́yìn tí mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ èdè Yorùbá, mo sin ilẹ̀ bàbá mi gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí olùkọ́ kan ti dá ẹgbẹ́ ìwé kíkà sílẹ̀, mo sì ń darí ẹgbẹ́ náà ní ọjọọjọ́ Ọjọ́bọ̀ fún oṣù mẹ́wàá. Mo lo ọdún méjì tí ó tẹ̀lé e ní ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan. Níbẹ̀, mo dá ìwé ìtàn àtijọ́ kan tún kọ sí àkọtọ́ 1974, èmi àti òṣìṣẹ́ méjì sì jọ tún méjì mìíràn kọ. Nígbà tí mo rí i pé "nwọn", "aiye" àti "ẹiyẹ" ṣì ń yọjú lẹ́yìn tí a ti ka ìwé tán, mo ṣe àkójọ àwọn ọ̀rọ̀ tí àkọtọ́ wọn ti yí padà, olóòtú àgbà sì fọwọ́ sí i kí gbogbo ẹ̀ka máa lò ó. Ẹ ṣeun tí ẹ ka lẹ́tà yìí.

Gbólóhùn mẹ́sàn-án ti di mẹ́fà. "Mo" kan ṣoṣo ni ó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, kò sì sí ìdí láti yọ ọ́, nítorí pé gbólóhùn kúkúrú náà ń fún òǹkàwé ní ìsinmi láàrin méjì tí ó gùn. "Ni" kan ni ó wà, ó sì tọ́, nítorí pé ilé-iṣẹ́ lè kéde ipò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì yẹ kí ó mọ èyí tí ẹni yìí ń wá. "A" inú "a ti ka ìwé tán" ní ojú, nítorí pé gbólóhùn tí ó ṣáájú ti sọ ẹni mẹ́ta tí ó jẹ́. Ohun kan ṣì kù tí lẹ́tà gidi kò gbọdọ̀ ní: "kan" lẹ́yìn "ilé-ẹ̀kọ́ girama" àti "ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé". Àpẹẹrẹ ẹ̀kọ́ ni ó fi wà níbẹ̀. Orúkọ ibi méjèèjì ni òǹkọ̀wé yóò kọ, orúkọ náà yóò sì bá ti inú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ rẹ̀ mu, pẹ̀lú ọdún rẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Kí akẹ́kọ̀ọ́ yẹ ìpínrọ̀ yìí wò ní ọ̀nà tí orí yìí là kalẹ̀. Kí ó tó tún un kọ, kí ó kọ ìbéèrè tí yóò bi ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé ìbéèrè wọ̀nyẹn ni olùkọ́ yóò fún ní máàkì púpọ̀ jù.

> Mo ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò ìpínlẹ̀ wa fún ọdún mẹ́ta. Mo wà ní ẹ̀ka ìròyìn Yorùbá. Ìtumọ̀ ìròyìn láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá máa ń wáyé lójoojúmọ́. Wọ́n tún dá ètò tuntun kan sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀, èyí tí a gbé sórí afẹ́fẹ́ láti ọwọ́ ẹ̀ka wa. Mo jẹ́ ẹni tí ó nífẹ̀ẹ́ àti ìfọkànsìn sí iṣẹ́ ní tòótọ́ àti ní òdodo.